Leófà wákàtí méjì àti tiránsíìtì mọ́jú: èwo ni kí ẹ mú?

Ọ̀kan lára àwọn oníbàárà tí mo ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún, tó ń gbé ní Mérílàǹdì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wọṣíńtọ̀nù ní Amẹ́ríkà, pè mí lórí fóònù. Ìyàwó rẹ̀ ń retí ọmọ, ó sì fẹ́ kí ìyá òun wá láti Ìbàdàn, kó wá bá wọn tọ́jú ọmọ náà. Ó ti rí tíkẹ́ẹ̀tì méjì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Méjèèjì gba Ìsítáńbùlù kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀kan fi 180,000 náírà rọjú ju èkejì lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, leófà náà ni wọ́n kọ sí méjèèjì. Kí ló dé tí ọ̀kan fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀?" Mo ní kó ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi. Ti àkọ́kọ́ ni `Layover 2h 15m`. Ti èkejì ni `Layover 19h 40m`.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà nìyẹn. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe nǹkan méjì tí kò jọra lójú ìwé tí a ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwa náà tún dá kún un nílé, nítorí "tiránsíìtì" ni gbogbo wa ń pe gbogbo rẹ̀. Ẹni tó lo wákàtí kan ààbọ̀ ní Dùbáì ní òun ṣe tiránsíìtì, ẹni tó sùn síbẹ̀ mọ́jú náà ní tiránsíìtì lòun ṣe.

Bí mo ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ fún àwọn oníbàárà mi nìyí. Leófà ni ìgbà tí ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù kan, tí ẹ wá géètì bàálù kejì, tí ẹ wọ̀ ọ́, tí ẹ sì ń bá ìrìn yín lọ. Ẹ ò bá aṣọ́bodè ìlú náà pàdé, ẹ ò sì fọwọ́ kan ẹrù tí ẹ ti fi sílẹ̀ ní Èkó. Tiránsíìtì tó gùn ni ìgbà tí ìdúró náà pọ̀ débi tí ara yóò fi bèèrè bẹ́ẹ̀dì, omi ìwẹ̀ àti oúnjẹ gidi. Níbẹ̀ ni ìbéèrè tuntun ti ń yọjú: ṣé ẹ lè jáde kúrò ní pápákọ̀ òfurufú? Bí ẹ kò bá lè jáde, orí àga ni ẹ ó ti máa wo ilẹ̀ kó mọ́. Ní tèmi, láti nǹkan bí wákàtí 8 sókè ni mo ti ń ka ìdúró sí tiránsíìtì gígùn, pàápàá tí òru bá wà láàrin rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì ọmọkùnrin yẹn síra. Mo pè wọ́n ní A àti B.

| | A | B |
|---|---|---|
| Kúrò ní Èkó | Ọjọ́ Ajé, 22:30 | Ọjọ́ Ajé, 10:00 |
| Dé Ìsítáńbùlù | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 07:30 | Ọjọ́ Ajé, 19:00 |
| Kúrò ní Ìsítáńbùlù | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 09:45 | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14:40 |
| Dé Wọṣíńtọ̀nù | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14:00 | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18:55 |
| Ìdúró | wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 | wákàtí 19, ìṣẹ́jú 40 |
| Gbogbo ìrìn | wákàtí 20, ìṣẹ́jú 30 | wákàtí 37, ìṣẹ́jú 55 |

Aago ìlú tí bàálù bá wà ni wọ́n máa ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, ìdúró kò le láti ṣírò: aago Ìsítáńbùlù ni wọ́n fi kọ ìgbà tí ẹ dé àti ìgbà tí ẹ kúrò, ẹ kàn yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Gbogbo ìrìn ló ń fẹ́ àfiyèsí. Èkó fi wákàtí 2 wà lẹ́yìn Ìsítáńbùlù yí po ọdún, Wọṣíńtọ̀nù sì fi wákàtí 7 wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn. Bí ẹ bá sọ gbogbo rẹ̀ di aago Ìsítáńbùlù kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ ó rí iye tí mo kọ sókè yẹn. Ẹ wá wo B dáadáa. Màmá yóò kúrò ní Èkó ní wákàtí méjìlá àbọ̀ ṣáájú ẹni tó wọ A, síbẹ̀ yóò dé lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú bíi wákàtí 5. Láti Ìbàdàn ló sì ti ń bọ̀, kó tó lè wà ní Ìkẹjà fún bàálù aago mẹ́wàá àárọ̀, ó ní láti sùn sí Èkó lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Òru méjì nìyẹn tí kò ní sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ gbọ́ èyí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí wọ́n máa ń fún èèyàn ní hòtẹ́ẹ̀lì tí ìdúró bá ti gùn?" Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀. Iléeṣẹ́ bàálù Etiópíà, fún àpẹẹrẹ, máa ń gba hòtẹ́ẹ̀lì fún èrò tó bá dúró láàrin wákàtí 8 sí 24 ní Adis Ábábà, iléeṣẹ́ ti Tọ́kì náà sì ní irú ètò bẹ́ẹ̀ ní Ìsítáńbùlù. Àdéhùn kan wà nídìí irú ètò yìí tí àwọn èèyàn kì í kà: wọ́n ṣe é fún ẹni tí kò rí bàálù mìíràn tó yá ju èyí tó wọ̀ lọ. Bí bàálù bá wà tí ì bá gbé yín lọ lẹ́yìn wákàtí 2, tí ẹ̀yin fúnra yín sì mú èyí tó gba wákàtí 19 nítorí pé ó rọjú, wọ́n lè sọ pé ẹ̀yin lẹ yàn án. Fún Màmá yìí, A wà lójú ìwé kan náà pẹ̀lú B. Mo sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má fọkàn sí hòtẹ́ẹ̀lì ọ̀fẹ́ títí iléeṣẹ́ náà yóò fi kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i pé tíkẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an wọ inú ètò wọn.

Bí wọ́n bá tilẹ̀ fún un, hòtẹ́ẹ̀lì náà wà nínú ìlú. Ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ wọ ìlú nílò físà Tọ́kì. Ìsítáńbùlù tún ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní `Touristanbul`, tí wọ́n fi ń mú èrò tó dúró láàrin wákàtí 6 sí 24 káàkiri ìlú láìgba owó, àní pẹ̀lú oúnjẹ. Ètò tó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní físà kò lè débẹ̀, yóò kàn máa wo àwòrán rẹ̀ lára ògiri pápákọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ físà yìí ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ló máa ń sọ bóyá leófà ni leófà lóòótọ́. Kì í ṣe iye wákàtí nìkan.

Àwọn ìlú kan wà tó ń bèèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà kódà bí kò bá ní jáde kúrò nínú pápákọ̀ rárá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan. Físà tí wọ́n ń pè ní `Direct Airside Transit visa` wà fún ẹni tó kàn fẹ́ pààrọ̀ bàálù ní Lọ́ńdọ̀nù láìdé ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè. `Visitor in Transit visa` ni ti ẹni tó máa kọjá lọ́dọ̀ aṣọ́bodè, tó sì máa kúrò láàrin wákàtí 48. Ẹni tó bá ní físà Amẹ́ríkà tàbí ti Kánádà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, tó sì ń lọ síbẹ̀, kò nílò ti àkọ́kọ́. Ó tiẹ̀ lè bẹ aṣọ́bodè pé kó jẹ́ kí òun wọlé láìní ti èkejì, bí bàálù tó máa gbé e lọ yóò bá gbéra kí òru ọjọ́ kejì tó di aago méjìlá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ aṣọ́bodè ni àṣẹ yẹn wà, kì í ṣe ẹ̀tọ́ tí ẹ lè fi ṣẹ́jọ́. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni n kì í fi tiránsíìtì mọ́jú ní Lọ́ńdọ̀nù lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lórí àánú yìí nìkan.

Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà lábẹ́ àdéhùn Ṣẹ́ngẹ̀n náà ní físà tiránsíìtì ti pápákọ̀, tí wọ́n ń fi lẹ́tà A mọ̀, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ tí gbogbo ará Ṣẹ́ngẹ̀n jọ ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn. Níbẹ̀ náà, físà Amẹ́ríkà tàbí ti Kánádà máa ń yọ èèyàn nínú wàhálà rẹ̀. Àmọ́ ìyọnínú yẹn kò kọjá inú pápákọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì ìgboro, físà tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ C ni wọ́n máa bèèrè.

Ibí yìí ni mo ti jìn sí kòtò rí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ kó má bàa ṣẹlẹ̀ sí yín. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àbúrò màmá mi tó ń lọ sí Toróńtò. Ó ní físà Kánádà. Tíkẹ́ẹ̀tì náà gba Páríìsì, ó tún gba Amsítádáàmù, kó tó kọjá sí Kánádà. Ìdúró ti Páríìsì kò tó wákàtí méjì, ti Amsítádáàmù lé díẹ̀ ní wákàtí méjì. Mo wò ó, mo ní leófà kúkurú méjì nìyí, kò séwu. Nígbà tí Àǹtí dé kántà ní Ìkẹjà, wọ́n dá a dúró. Láti Páríìsì sí Amsítádáàmù, ìrìn inú ilé ni lójú àwọn ará Ṣẹ́ngẹ̀n, bí ìgbà tí èèyàn bá ti Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta. Kí Àǹtí tó lè wọ bàálù kejì yẹn, ó gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ aṣọ́bodè ní Páríìsì, ìyẹn ni pé ó ti wọ Yúróòpù, kò sì ní físà tí wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Ẹkún ni Àǹtí sun padà sílé lọ́jọ́ yẹn, èmi sì ni mo san owó tí wọ́n fi yí tíkẹ́ẹ̀tì padà sí èyí tó gba ìlú kan ṣoṣo. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti rí ìlú méjì tó wà nínú Ṣẹ́ngẹ̀n lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, bíi Fránkífọ́ọ̀tì àti Múníìkì, n kì í wo iye wákàtí mọ́. Físà ni mo kọ́kọ́ ń bèèrè.

Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ kò mọ tiránsíìtì inú pápákọ̀ tí èèyàn kò ní rí aṣọ́bodè. Ẹni tó bá ti Èkó dé Àtìláńtà, tó fẹ́ kọjá sí Húsítìn, Àtìláńtà ni yóò ti wọ Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa tẹ pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, níbẹ̀ ni yóò ti gba báàgì rẹ̀ kó tó dá a padà fún wọn, níbẹ̀ náà ni wọ́n tún ti máa yẹ ara rẹ̀ wò. `Layover 1h 30m` níbẹ̀ kò lè tó ẹni tó ń wọ Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Wákàtí 3 ni mo máa ń wá. Ẹni tó sì kàn fẹ́ gba Amẹ́ríkà kọjá sí Jàmáíkà gbọ́dọ̀ ní físà Amẹ́ríkà, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú 50 ló fẹ́ lò.

Ìlà kan tún wà tí àwa tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kì í fi ṣeré. Ní wákàtí 24 ló wà. Lórí ìrìn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ìdúró tí kò bá kọjá wákàtí 24 ni wọ́n ń kà sí ìpààrọ̀ bàálù lásán. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ yí padà, ó di sítọ́pófà, ìyẹn ni pé ẹ yà sí ìlú náà. Láti ìgbà tí bàálù àkọ́kọ́ bá dé ni wọ́n ti ń kà á, títí di ìgbà tí èkejì bá máa gbéra, bó ṣe wà lórí ìwé. Àwọn tó bá fẹ́ fojú ara wọn rí i lè wo ìlà tí wọ́n fi ṣírò owó lórí ẹ̀dà tíkẹ́ẹ̀tì. Bí tíkẹ́ẹ̀tì Màmá ṣe máa rí nìyí, bí mo bá yọ àwọn iye owó kúrò:

```
LOS TK X/IST TK WAS
```

LOS ni Èkó, TK ni iléeṣẹ́ bàálù ti Tọ́kì, IST ni Ìsítáńbùlù, WAS sì ni Wọṣíńtọ̀nù. Lẹ́tà X tó wà níwájú IST yẹn ló ń sọ pé Màmá kàn ń kọjá ni. Bí ìdúró rẹ̀ bá jẹ́ wákàtí 26, X yẹn kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Pẹ̀lú A, X wà níbẹ̀. Pẹ̀lú B, tó gùn tó wákàtí 19 àti ìṣẹ́jú 40, X ṣì wà níbẹ̀. Lórí ìlà ìṣirò owó yìí, nǹkan kan náà ni méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ ìtajà fi ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pè wọ́n. Ara Màmá nìkan ló mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Bí X bá ti kúrò, owó lè yí padà, nítorí àwọn tíkẹ́ẹ̀tì kan kò gbà kí èèyàn yà rárá, àwọn mìíràn sì ń gba owó lé e. Owó orí náà lè yí padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó orí kan wà tí ẹni tó bá ń wọ bàálù jáde ń san, tí wọ́n ń pè ní `Air Passenger Duty`. Ẹni tó ti Èkó wá, tó pààrọ̀ bàálù ní Lọ́ńdọ̀nù láàrin wákàtí 24 lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, tó sì kọjá lọ sí Toróńtò, kò san án. Bó bá lò ju wákàtí 24 lọ, yóò san án. Láti oṣù kẹrin 2026, pọ́n-ùn 102 ni fún ẹni tó jókòó sí ìjókòó tó rọjú jù lórí irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yà lọ kí ẹbí rẹ̀ ní Pẹ́kámù, ní Lọ́ńdọ̀nù, ju ọjọ́ kan lọ kó tó kọjá, kó ṣírò rẹ̀ mọ́ owó ìrìn kó tó sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì òun rọjú.

Ẹrù náà ń tẹ̀ lé ìlà yìí. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, pẹ̀lú leófà kúkurú, báàgì Màmá yóò gba abẹ́ pápákọ̀ lọ sínú bàálù kejì fúnra rẹ̀. Kí Màmá tó kúrò ní kántà ní Ìkẹjà, kó wo pépà gígùn tí wọ́n so mọ́ ọwọ́ báàgì. Lẹ́tà mẹ́ta tó tóbi jù lórí rẹ̀ ni ìlú tí báàgì ń lọ. Bó bá jẹ́ IAD, Wọṣíńtọ̀nù ni wọ́n á ti rí i. Bó bá jẹ́ IST, Ìsítáńbùlù ló máa sọ̀ sí, kí ẹ sì bèèrè lójú ẹsẹ̀, nítorí ibi tí wọ́n ti ń gba báàgì wà lẹ́yìn aṣọ́bodè. Pẹ̀lú tiránsíìtì mọ́jú, báàgì sábà máa ń lọ tààrà náà, èyí tó túmọ̀ sí pé aṣọ ìpààrọ̀ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà nínú rẹ̀ kò ní dé ọwọ́ Màmá lóru yẹn. Inú báàgì ọwọ́ ni kí oògùn ọjọ́ mẹ́ta wà, kó má sì yọ ọ́ kúrò nínú páálí tí orúkọ rẹ̀ wà.

Ohun tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí wọ́n rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n wá fi ìdúró kan so pọ̀. Lójú ìwé, àwọn kan máa ń kọ `Self transfer` sí i. Ẹ lè rí wákàtí 5 níbẹ̀ kí ẹ rò pé ẹ ní àkókò. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, iléeṣẹ́ kejì kò mọ̀ yín rí, wọ́n á kọ ọ́ pé ẹ kò wá, tíkẹ́ẹ̀tì yín á sì ṣòfò. Ẹ tún ní láti jáde lọ gba báàgì, ìyẹn tún ti dá ọ̀rọ̀ físà sílẹ̀. N kì í tà á fún arìnrìn-àjò tó ti dàgbà, bó ti wù kó rọjú tó.

Ó wá ku àìdára tó wà lára A, nítorí òun náà ní. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 15 dà bí ẹni pé ó pọ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe máa ṣẹlẹ̀. Bàálù balẹ̀ ní 07:30, ó ń yí lọ síbi tó máa dúró sí, èrò ń bọ́ sílẹ̀. Bí Màmá bá ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ni wọ́n máa ń gbé irú wọn sọ̀. Ó ti lè di aago mẹ́jọ kọjá. Wọ́n á tún yẹ báàgì ọwọ́ wò. Pápákọ̀ Ìsítáńbùlù tuntun, tí gbogbo bàálù èrò kó lọ ní 2019, tóbi gan-an, ìrìn láti géètì kan sí òmíràn lè gba ìṣẹ́jú 20 fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Géètì bàálù tó ń lọ Amẹ́ríkà tún ní ìyẹ̀wò tirẹ̀, wọ́n máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè, wọ́n á sì ti géètì ṣáájú 09:45. Bí nǹkan bá lọ déédéé, ó tó. Bí eruku ọyẹ́ bá dá bàálù dúró ní Ìkẹjà fún wákàtí kan ààbọ̀, bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ láàrin oṣù kejìlá sí oṣù kejì, kò tó mọ́.

Bí leófà bá já lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ẹrù iléeṣẹ́ bàálù ni láti wá bàálù mìíràn fún un, kò ní san owó mìíràn. Ohun tí mo máa ń wò ni ìgbà tí bàálù tó tẹ̀ lé e máa gbéra. Bó bá jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ kan náà, kò burú. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kejì, leófà wákàtí 2 ti di tiránsíìtì mọ́jú tí ẹnikẹ́ni kò múra sílẹ̀ fún, láìsí físà tó máa fi dé hòtẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, kí n tó ta leófà kúkurú, mo máa ń wo iye bàálù tí iléeṣẹ́ náà ní sí ìlú yẹn lójúmọ́. Ìlú tí bàálù ń lọ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ kò gba leófà tó há. Ìlú tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lè gbà á.

Ọ̀dọ́ tó ní físà ìlú tó máa dúró sí, tí báàgì rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ, tó sì fẹ́ rí ìlú, kò sí ohun tó burú nínú B fún un. Èmi fúnra mi ti ṣe é, mo sì gbádùn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣọ́ owó lè mú un bákan náà, bó bá lè fara da àga, tó sì ti rí i dájú pé wọn kì í lé èèyàn jáde ní pápákọ̀ náà lóru. Aboyún, ẹni tó gbé ọmọ ọwọ́, àti ẹni tó ti lé ní 60, mi ò ní tà á fún wọn àfi bí hòtẹ́ẹ̀lì bá ti dájú, tí físà rẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́.

Fún Màmá, n kò mú A, n kò sì mú B. Mo ní kí ọmọ rẹ̀ dúró sórí fóònù, mo sì ń wo àwọn ọjọ́ mìíràn. Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, mo rí èyí tó ní ìdúró wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 50, ní ìlú kan ṣoṣo, lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ó fi 60,000 náírà wọ́n ju B lọ. Ó béèrè bóyá òun lè ronú sí i di alẹ́. Mo ní kó ronú. Kò tíì tó wákàtí kan tó fi pè padà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbà á. Ẹ sì bá mi bèèrè kẹ̀kẹ́ fún Màmá." Mo kọ `WCHR` sí i, tó jẹ́ àmì tí wọ́n fi ń béèrè kẹ̀kẹ́ fún ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn ṣùgbọ́n tí kò lè rìn jìnnà. Ọ̀fẹ́ ni. Mo tẹ tíkẹ́ẹ̀tì náà síta, mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ aago Ìsítáńbùlù méjèèjì, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún Màmá: "Ibí lẹ ti máa pààrọ̀ bàálù. Ẹ má jáde. Ẹ dúró ti ẹni tó mú kẹ̀kẹ́ wá."